Owó oṣù mi: iye tí wọ́n ń san níta ni kí n kọ́kọ́ fi han mánéjà ni, àbí iṣẹ́ tí mo ti ṣe?

Aṣírò

Ọdún kẹta mi rèé nídìí iṣẹ́ sísan owó àwọn tó ń kó ọjà wá fún ilé-iṣẹ́ wa. Mi ò fẹ́ dárúkọ iye tí mò ń gbà, ẹ jẹ́ ká kàn pè é ní 100. Mo ti ka ìkéde iṣẹ́ 14 tó jọ tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ju 100 lọ. Mo tún ní àwọn nǹkan tí mo ti ṣe tí mo lè tọ́ka sí. Ìpàdé èmi àti mánéjà mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé jáde, èló sì ni kí n bèèrè?

---

Ayékòtọ́

Èyí tó ga jù nínú 14 yẹn ni kí o tẹ̀ sórí ìwé. Gbé e ka orí tábìlì rẹ̀, sọ pé ohun tí wọ́n ń san níta nìyí, kí o sì panu mọ́. Kí òun fúnra rẹ̀ wá nǹkan sọ. Bí mo ṣe gba tèmi nìyẹn.

---

Ìyá Ìbejì

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbi tí ìwé ẹ̀kúnwó ti ń wọlé. Irú ìwé tí Ayékòtọ́ ń wí yìí, a kì í kà á dé ìlà kẹta. Ìkéde kan ṣoṣo, tó tún wá jẹ́ èyí tó ga jù! Ẹni tó bá mú un wá ti sọ fún wa pé òun ti fi mẹ́tàlá yòókù pamọ́.

Orúkọ iṣẹ́ kò tan nǹkan kan. Ohun tí èèyàn ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ la fi ń wé ara wọn. Òṣùwọ̀n tí a máa ń lò ni pé bí ojúṣe inú iṣẹ́ méjèèjì kò bá bára mu tó ìdá 70 nínú 100, a ò ní kà á sí.

Aṣírò, jókòó ti 14 yẹn. Èyí tó bá ní kí ẹni náà máa darí èèyàn, yọ ọ́, ìwọ ò darí ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò bá kọ iye, yọ ọ́. Èyí tó bá ti ro ẹ̀bùn ìparí ọdún àti àjẹmọ́nú mọ́ owó oṣù, tí o kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀, yọ òun náà. Kí o wá sọ ohun tó ṣẹ́ kù fún wa.

---

Ìṣẹ́gun22

Ẹ má gba iye àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ yín o. Ilé-iṣẹ́ tuntun máa ń bèèrè iye tí ẹ ń gbà níbi tí ẹ ti ń bọ̀ kí wọ́n lè fi díẹ̀ lé e. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ipò náà.

---

Aṣírò

@Ìṣẹ́gun22 ẹ ṣé, àmọ́ mi ò wá iṣẹ́ tuntun. Mánéjà tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì, mo ti yọ wọ́n. Márùn-ún péré ló kù nínú 14, ojú tì mí díẹ̀. Bí a bá fi owó oṣù mi ṣe 100, wọ́n lọ báyìí: 98 sí 118, 105 sí 125, 112 sí 124, 110 sí 140, àti ọ̀kan tó lọ láti 90 dé 150.

---

Ìyá Ìbejì

Kí ló ń tì ọ́ lójú? Márùn-ún tó dúró sàn ju mẹ́rìnlá tó ń gbọ̀n lọ. Tún yọ ti 90 sí 150 kúrò. Àlàfo 60 kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpele méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n kó sínú ìkéde kan, tí wọ́n ń retí ẹnikẹ́ni tó bá wá.

Mẹ́rin ló kù. Mú àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan: 108, 115, 118, 125. Àárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí 116 àti ààbọ̀. Ìyẹn ni iye tí ìwé rẹ lè gbé.

Àmọ́ mọ ohun kan. Iye inú ìkéde, iye tí wọ́n fi ń wá ẹni tuntun ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ra ìwádìí owó oṣù tó fi ohun tí àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ ń gbà hàn, nọ́ńbà méjèèjì kì í sì í sábà bára mu. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé tiwọn fi 110 hàn, má pè wọ́n ní òpùrọ́. Bèèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n fi wé tìrẹ àti ọdún tí ìwádìí náà ti wà. Ibi méjì yẹn ló ti máa ń yẹ̀.

---

Ọ̀gá Kékeré

Èèyàn mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti apá tiwa. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó wà lápò mánéjà, tó kàn ń ṣahun.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún mi ní 4 lórí 100 kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe ẹ̀kúnwó wọn. Ká ní ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gba 100, àpapọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ 24. Bí Aṣírò bá bèèrè 16 lọ́wọ́ mi, 8 ló kù fún àwọn márùn-ún yòókù. Kò sí bí iṣẹ́ rẹ ṣe lè dára tó, mi ò lè ṣe é láti inú ìkòkò yẹn. Mo ní láti lọ sínú ìkòkò mìíràn: owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju iye tí wọ́n ń san níta lọ, tàbí kí n ní kí wọ́n tún ìpele iṣẹ́ náà gbé yẹ̀ wò. Èmi kọ́ ló ń ṣí ìkòkò kejì. Ọ̀gá tèmi àti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ló ń ṣí i.

Torí náà, ìwé tí o ń kọ, èmi kọ́ ló máa kà á gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ló máa kà á, o ò sì ní sí níbẹ̀. Kọ ọ́ sí ojú ewé kan, kí n lè fi íméèlì taari rẹ̀ sókè láìtún un kọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ń kọ mí lóminú. Níbi tiwa, nígbà tí mo bá fi máa jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ láti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọdún, mo ti fi nọ́ńbà ẹ̀kúnwó kálukú ránṣẹ́ sókè tipẹ́. Lọ bèèrè ọjọ́ tí nọ́ńbà ń kúrò lọ́dọ̀ mánéjà rẹ. Ọjọ́ ìpàdé kọ́ ni kí o bèèrè o.

---

Ayékòtọ́

Ẹ ti wá sọ owó oṣù di ìwádìí yunifásítì. Èmi sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì fi 10 kún un.

---

Ìyá Ìbejì

Ayékòtọ́, ṣé o ń gba iye tó wà ní ìsàlẹ̀ ìpele rẹ nígbà náà?

---

Ayékòtọ́

Mi ò mọ ìpele kankan.

---

Ìyá Ìbejì

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n jẹ ọ́ ní gbèsè kí o tó ya ẹnu. Aṣírò, bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pé níbo ni owó rẹ wà nínú ìpele rẹ. Ìbéèrè lásán ni, kì í ṣe ìjà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìpele máa ń ní iye àárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wà nítòsí ìdá 80 nínú 100 iye àárín náà, òkè rẹ̀ á wà nítòsí ìdá 120. Ẹni tuntun á wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú yẹ kó ti máa sún mọ́ àárín.

---

Aṣírò

Mo bèèrè. Wọ́n ní iye àárín ìpele mi jẹ́ 110. Mánéjà sì ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni nọ́ńbà ń lọ sókè! Ọpẹ́lọpẹ́ Ọ̀gá Kékeré.

Ìwé iṣẹ́ tí mo ti kọ rèé, ẹ bá mi wò ó:

"1. Mo dín ọjọ́ tí ínfọ́ìsì fi ń wà nílẹ̀ kó tó di sísan kù láti 19 sí 8. 2. Mo ṣàwárí ínfọ́ìsì 23 tí a san lẹ́ẹ̀mejì, a sì gba owó tó tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù mi padà. 3. Mo kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun méjì níṣẹ́."

---

Ìyá Ìbejì

Àárín 110, ìwọ wà ní 100: ìdá 91 nínú 100 lo wà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Gbólóhùn yẹn nìkan á jẹ́ kí ẹni tó ń kà á lókè fi awò sójú.

Wàyí o, 19 sí 8. Kí ni nǹkan mìíràn tó yí padà lọ́dún yẹn? Wọ́n máa bèèrè, kò sì ní sí ẹni tó máa dá wọn lóhùn.

---

Aṣírò

Hmm. Wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà tuntun wọlé ní oṣù kẹrin.

---

Ayékòtọ́

Má dárúkọ rẹ̀. Ṣé àwọn ló máa rántí?

---

Ọ̀gá Kékeré

Ẹni tó san owó ètò náà ló wà lókè. Á rántí dáadáa, á sì fẹ́ kó jẹ́ pé ètò òun ló ṣe gbogbo rẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì

Ṣé ọ́fíìsì mìíràn wà tó ń lo ètò kan náà?

---

Aṣírò

Ó wà. Mo pe ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí. Tiwọn lọ láti 18 sí 14.

Ohun tí èmi ṣe yàtọ̀ rèé. Tẹ́lẹ̀, nínú ínfọ́ìsì mẹ́wàá, mẹ́ta ló máa ń wá láìní nọ́ńbà àṣẹ ìrajà lára. Ètò kọ̀ǹpútà kò lè mọ ẹni tó ra ọjà náà, ìwé á kàn jókòó sínú dúrọ́ọ̀ mi títí màá fi rí ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun ló rà á. Mo to orúkọ wọn sílẹ̀, mo rí i pé ilé-iṣẹ́ mẹ́sàn-án péré ló ń ṣe é lemọ́lemọ́. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá ẹni tó ń tẹ ínfọ́ìsì gan-an sọ̀rọ̀, mo ní bí nọ́ńbà kò bá sí, a ò ní gbà á wọlé. Ní báyìí, kò tó ọ̀kan nínú ogún tó ń wá bẹ́ẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì

Kí ló dé tí èyí ò sí nínú ìwé rẹ? Òun gan-an ni iṣẹ́!

Kọ ọ́ báyìí: ọjọ́ dín kù láti 19 sí 8, ọ́fíìsì kejì tó ń lo ètò kan náà bọ́ sí 14 láti 18, ìyókù wá láti inú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àṣẹ, tó lọ sílẹ̀ láti 3 nínú 10 sí bíi 1 nínú 20. Ìwọ fúnra rẹ ti yọ ipa kọ̀ǹpútà kúrò kí wọ́n tó yọ ọ́ fún ọ. Ọjọ́ 11 lo fi bẹ̀rẹ̀, bíi ọjọ́ 7 ló kù sí ọ lọ́wọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ tuntun méjì, fi í sílẹ̀ tàbí kí o yọ ọ́. Ẹ̀yin tó ti pẹ́ ló máa ń kọ́ ẹni tuntun níbikíbi.

---

Ayékòtọ́

Ti owó tí a san lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Ó gba owó oṣù mẹ́rin padà fún wọn. Kó bèèrè ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì

Lẹ́ẹ̀kan ni owó yẹn wọlé, oṣooṣù sì ni wọ́n á máa san ẹ̀kúnwó. Bó bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tán. Aṣírò, báwo lo ṣe rí wọn?

---

Aṣírò

Wọ́n á fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ ní íméèlì, lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kan á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí 00457, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ sí 457. Lójú ètò kọ̀ǹpútà, ínfọ́ìsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo wá pa nọ́ńbà tì, mo ń fi orúkọ ẹni tó kó ọjà wá, déètì àti iye owó wé ara wọn. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń ṣe é kí owó tó jáde. Oṣù mẹ́fà rèé, ọ̀kan ṣoṣo ló tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.

---

Ìyá Ìbejì

O rí i pé àyẹ̀wò ọjọ́ Ajé yẹn ni àṣeyọrí rẹ. Mẹ́tàlélógún tó ti kọjá jẹ́ ẹ̀rí pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò ń bá a lọ, ẹ̀kúnwó náà yẹ kó máa bá a lọ.

Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ nìyí. Iye tí wọ́n ń san níta ń sọ iye tí àga tí o jókòó lé tó. Iṣẹ́ rẹ ń sọ ìdí tí ìwọ kò fi yẹ kí o wà ní ìsàlẹ̀ àga náà. Bí o bá gbé iṣẹ́ nìkan lọ, inú ìkòkò 4 ni wọ́n á ti fún ọ. Bí o bá gbé iye ìta nìkan lọ, wọ́n á ní gbogbo èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀. Ìlà méjì fún iye ìta lókè, ìlà mẹ́fà fún iṣẹ́, kí iye tí o fẹ́ wà nísàlẹ̀.

---

Òjò-ń-rọ̀

Ẹni tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń gba 112, èmi ń gba 99. Ṣé èmi ò lè kàn sọ bẹ́ẹ̀?

---

Ọ̀gá Kékeré

Bí o bá dárúkọ rẹ̀ fún mi, ohun tí màá máa rò fún wákàtí kan ni ẹni tó sọ fún ọ. Bèèrè ibi tí o wà nínú ìpele, kí n fojú ara mi rí i.

---

Òjò-ń-rọ̀

Àmọ́ òtítọ́ ni. Níbòmíràn òfin wà lẹ́yìn irú ìbéèrè yìí. Ní ìpínlẹ̀ Kọlorádò ní Amẹ́ríkà, láti 2021 ni wọ́n ti ń fi tipátipá kọ iye sínú ìkéde iṣẹ́. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 náà fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìpíndọ́gba ohun tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà.

---

Ìyá Ìbejì

Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Bí o bá gbà pé wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ, ọ̀nà ẹ̀sùn ni kí o gbà, kí o sì gbà á tààrà. Bí o bá pò ó mọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ̀kúnwó, méjèèjì á rọ.

---

Òjò-ń-rọ̀

Mi ò gbà. Àmọ́ ẹ máa bá ti Aṣírò lọ.

---

Ìṣẹ́gun22

Ọ̀rọ̀ tèmi wá bọ́ sí i wàyí. Mo parọ́ fún mánéjà mi nígbà kan pé ilé-iṣẹ́ kan ti fún mi ní 130. Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó kí mi kú oríire, ó sì bèèrè ọjọ́ tí mò ń lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

---

Aṣírò

😂 Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ò ní gbìyànjú ẹ̀. Iye wo ni kí n wá kọ? Ṣé "láàárín 114 àti 120"?

---

Ọ̀gá Kékeré

Bí o bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, 114 ni màá kà.

---

Ayékòtọ́

125! Kí wọ́n lè ná an wálẹ̀ sí 116.

---

Ìyá Ìbejì

Bí ẹni tó wà lókè bá bèèrè ibi tí 125 ti wá, ìkéde kan nínú mẹ́rin ló máa tọ́ka sí. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. 118 ni èmi máa kọ: ó lé díẹ̀ lórí 116 àti ààbọ̀, iṣẹ́ rẹ sì lè ṣàlàyé ohun tó fi lé.

---

Ọ̀gá Kékeré

Èmi máa ní 120. Wọ́n á dín nǹkan kù bó ti wù kó rí. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti Ìyá Ìbejì ò ní fẹnu kò lé lórí nìyí.

Èyí tó wù kí o mú, ká ní 118 ni, ohun tí o máa sọ kò gùn: "Ọ̀gá, ìdá 91 iye àárín ni mo wà. Iṣẹ́ mẹ́rin tó bá tèmi mu ń san nǹkan bíi 116. Ohun tí mo ti ṣe wà lórí ìwé yìí. 118 ni mò ń bèèrè. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín lọ, ta ni kí a jọ gbé e lọ bá?" Ìbéèrè ìparí yẹn ni kí o má gbàgbé. Bó bá ní rárá, bèèrè ohun tó máa yí rárá náà padà àti ọjọ́ tí ẹ máa tún wò ó.

---

Aṣírò

*(ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà)*

Ọjọ́ Ajé ni mo gbé ìwé náà fún un, ọjọ́ mẹ́rin kí nọ́ńbà tó lọ. Ó kà á lójú mi, ó dúró níbi ọ́fíìsì kejì, ó ní "ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n wà ní 14?" Mo fi íméèlì ẹni náà hàn án. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún bèèrè nǹkan mìíràn.

Ó fún mi ní 6 láti inú ìkòkò tirẹ̀. Mo wà ní 106 báyìí. Ó ní òun ti fi ìyókù ránṣẹ́ sókè fún àtúnṣe àárín ọdún, oṣù kẹfà. Mo kọ íméèlì sí i pé ohun tí a sọ nìyí, iye nìyí, oṣù nìyí. Èsì rẹ̀ ò ju "Mo rí i" lọ.

---

Ayékòtọ́

"Mo rí i" kì í ṣe ìlérí. Bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́.

---

Ọ̀gá Kékeré

Èmi náà ti kọ "Mo rí i" rí. Mi ò ní agbára láti kọ "bẹ́ẹ̀ ni", mi ò sì fẹ́ kọ "rárá". Bí ìkòkò tiyín náà bá jẹ́ 4 bíi tiwa, 6 tó fún ọ ju ìpín rẹ lọ. Ẹnì kan nínú yín gba ohun tó kéré sí 4 kí o tó rí i gbà.

---

Ìyá Ìbejì

Òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì. Ní oṣù kẹrin, bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Má dúró de oṣù kẹfà, ìkòkò náà lè ti pa dé kó tó di ìgbà yẹn.

---

Aṣírò

Màá bèèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tún yọ: ọ́fíìsì kejì fẹ́ kí n wá kọ́ wọn ní àyẹ̀wò ọjọ́ Ajé. Ṣé kí n fi kún ìwé náà?

---

Ìyá Ìbejì

Kọ déètì tí wọ́n bèèrè sílẹ̀ lónìí. Kí o tó lọ, ní kí wọ́n fún ọ ní àkọsílẹ̀ ìsanwó ọdún kan, kí o ka iye tí wọ́n ti san lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá kọ́ wọn tán kí o tó kà á, o ò ní rí ohun tí o máa fi wé e mọ́.